Sáfà kan kú nínú mẹ́ta: kí ló dé tí ẹ̀dà kan kò fi rí ibi gbé?

Akọ̀wé_Garki

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Níbi iṣẹ́ wa ní Garki, Elasticsearch ni a fi ń wá inú àwọn ìwé ìdájọ́ ilé ẹjọ́. Sáfà mẹ́ta ni a ní, dísíìkì ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ 200 gígábáìtì. Índẹ́ẹ̀sì wa kan ṣoṣo pín sí ọ̀nà mẹ́fà, ìpín kọ̀ọ̀kan tó 32 gígábáìtì, ó sì ní ẹ̀dà àtìlẹ́yìn kan. Lọ́jọ́ Ẹtì, iná lọ, bátìrì tó ń gbé sáfà kejì ró kò ṣiṣẹ́, sáfà náà sì kú fún nǹkan bíi wákàtí méjì. Wíwá ìwé kò dúró, ṣùgbọ́n fífi ìwé tuntun wọlé há fún bí ààbọ̀ ìṣẹ́jú, lẹ́yìn náà ni gbogbo nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí falẹ̀. Ipò àkójọ sáfà náà di `yellow`, kò sì kúrò níbẹ̀ títí sáfà náà fi jí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn méjì tó kù ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Nígbà tó jí pàápàá, ìfàlẹ̀ mìíràn tún dé. Ọ̀gá wa ní kí n sọ ẹ̀dà àtìlẹ́yìn di méjì, ẹlòmíràn ní ìpín ni kí n fi kún. Èwo ni kí n ṣe?

Ọ̀dọ́_Gwarinpa

Ẹ̀gbọ́n, ìpín ni kí ẹ fi kún. Bí ìpín bá ti pọ̀ tó ni ohun tí ikú sáfà kan lè kó lọ ṣe máa kéré tó, nítorí pé kékeré kékeré ni gbogbo rẹ̀ yóò tàn ká. Ẹ sọ ọ́ di méjìlá tàbí mẹ́rìnlélógún. Ẹ̀dà àtìlẹ́yìn kan tí ẹ ní sì ti tó, ó ti rọ́pò fífi ẹ̀dà pamọ́ sí ibòmíràn, ẹ má ná owó sí ìyẹn mọ́.

Alágbẹ̀dẹ_Kubwa

Akọ̀wé, ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé inú rẹ̀ ni ìdáhùn yín wà.

Ìpín mẹ́fà pẹ̀lú ẹ̀dà àtìlẹ́yìn kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹ̀dà méjìlá, mẹ́rin mẹ́rin ló sì wà lórí sáfà kọ̀ọ̀kan. Mẹ́rin lọ́nà 32 jẹ́ 128 gígábáìtì, èyí tí í ṣe ìdá 64 nínú ọgọ́rùn-ún dísíìkì yín. Ó dà bí ẹni pé ààyè pọ̀, àmọ́ ìrísí lásán ni.

Nígbà tí iná lọ lórí sáfà kejì, kò ráyè dágbére fún ẹnikẹ́ni. Ká ní ètò Elasticsearch nìkan ló kú lórí ẹ̀rọ tó ṣì wà láàyè, ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ìbá ti pa ìsopọ̀ dé, sáfà adarí ìbá sì ti mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí iná kú mọ́ lórí kì í pa ìsopọ̀ dé, ńṣe ni ó kàn dákẹ́. Ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan ni adarí máa ń yẹ àwọn yòókù wò, yóò dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá 10 kí ó tó gbà pé ẹnì kan kò dáhùn, ẹ̀ẹ̀mẹta léra ni irú àìdáhùn bẹ́ẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wáyé kí ó tó yọ sáfà náà kúrò. Ìyẹn ni ààbọ̀ ìṣẹ́jú tí ẹ rí. Ní gbogbo àkókò náà, ẹ̀dà olórí ti gba ìwé tuntun yín, ó ń dúró kí ẹ̀dà àtìlẹ́yìn tó wà lórí òkú sáfà sọ pé òun náà ti gbà á. Kì í sọ fún yín pé ìwé ti wọlé àyàfi tí gbogbo ẹ̀dà tí a kà sí ẹ̀dà tó pé bá ti gbà á. Ìdí nìyẹn tí ìfàsẹ́yìn fi wà, tí ìwé kankan tí ẹ ti gba ìdáhùn lé lórí kò sì sọnù.

Nígbà tí adarí yọ ọ́ tán, ẹ̀dà mẹ́rin ló ti lọ: ká sọ pé méjì nínú wọn jẹ́ olórí, méjì sì jẹ́ àtìlẹ́yìn. Adarí mú àtìlẹ́yìn àwọn olórí méjì náà, ó fi wọ́n joyè lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kò sí dátà kankan tí a gbé kiri nínú ìyẹn, ìdí sì nìyẹn tí wíwá ìwé kò fi dúró. Láti ìgbà náà, ìpín mẹ́rin nínú mẹ́fà wà lórí ẹ̀dà kan ṣoṣo. Ohun tí `yellow` ń sọ nìyẹn: kò sí ìwé tó sọnù, ṣùgbọ́n àwọn ìpín kan ti di ẹlẹ́dà kan.

Elasticsearch dúró fún ìṣẹ́jú kan, bóyá sáfà náà máa padà. Nígbà tí kò padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí da ẹ̀dà tuntun kọ sórí àwọn méjì tó kù. Ibẹ̀ ni ìfàlẹ̀ ti wá, nítorí pé sáfà méjì ti ń ru ẹrù mẹ́ta, dísíìkì kan náà tó ń dáhùn ìbéèrè ló sì tún ń ka gígábáìtì 32 jáde láti fi ránṣẹ́. Bí ẹ kò bá tíì yí i padà, ìwọ̀n tí sáfà kọ̀ọ̀kan gbà láàyè fún irú ẹ̀dà dídà bẹ́ẹ̀ jẹ́ 40 mẹ́gábáìtì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí náà ìpín kan kò lè parí kí ó tó gbà bí ìṣẹ́jú 14.

Èwo wá ni kò jẹ́ kí ó parí? Sáfà kọ̀ọ̀kan tó kù ní ẹ̀dà mẹ́rin, ó sì yẹ kó gba méjì sí i. Ọ̀kan wọlé, dísíìkì dé 160 gígábáìtì, ìyẹn ìdá 80. Bí èkejì bá wọlé, yóò di 192, ìyẹn ìdá 96. Elasticsearch kì í gba irú rẹ̀: bí dísíìkì bá ti kọjá ìdá 85, kì í gbé ẹ̀dà tuntun síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í gba ẹ̀dà tí wíwọlé rẹ̀ yóò mú kí dísíìkì kọjá ìdá 90. Ẹ̀dà méjì nínú mẹ́rin rí ibi gbé, méjì kò rí. Bí ẹ bá tún wà nínú irú ipò yẹn, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀:

```
GET _cluster/allocation/explain
```

Orí sáfà kan, ẹ ó rí `same_shard`, nítorí pé ẹ̀dà kejì ìpín náà ti wà níbẹ̀, a kì í sì í kó ẹ̀dà méjì ìpín kan sórí sáfà kan. Orí èkejì, ẹ ó rí `disk_threshold`.

Ìfàlẹ̀ kejì, tó dé nígbà tí sáfà náà jí, tún ní orísun tirẹ̀. Ẹ̀dà méjì tí kò rí ibi gbé bá ògbólógbòó ara wọn lórí dísíìkì sáfà tó jí, wọ́n sì gba kìkì àwọn ìyípadà tó ti wáyé láàárín wákàtí méjì náà, ìyẹn kò gba àkókò. Ṣùgbọ́n àwọn méjì tí a ti dà kọ síbòmíràn kò nílò ògbólógbòó wọn mọ́. Sáfà méjì wá ní ẹ̀dà márùn-ún márùn-ún, èyí tó jí ní méjì péré, nítorí náà Elasticsearch tún gbé odindi ìpín méjì padà sọ́dọ̀ rẹ̀ kí ẹrù lè dọ́gba. Gígábáìtì 64 lọ, gígábáìtì 64 bọ̀.

Ìyá_Tàíwò_Kaduna

Ẹ kú àlàyé. Tèmi burú ju ti Akọ̀wé lọ. Sáfà méjì ni mo ní ní Kaduna, ẹ̀dà àtìlẹ́yìn kan, ìyẹn ni pé gbogbo ìwé wa pé sórí sáfà kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ọ̀kan kú, gbogbo rẹ̀ dákẹ́, kò tilẹ̀ sọ `yellow`, ńṣe ló ń sọ `master_not_discovered_exception`. Ṣé dísíìkì tó kún náà ló fà á? Torí tèmi kò tíì dé ìdajì.

Alágbẹ̀dẹ_Kubwa

Rárá o, Ìyá Tàíwò, ti yín kò kan dísíìkì, bẹ́ẹ̀ ni kò kan ẹ̀dà. Ìdìbò ló kàn. Kí sáfà tó lè jẹ́ adarí, ó gbọ́dọ̀ rí ìbò tó ju ìdajì lọ. Láàárín sáfà méjì, Elasticsearch mọ̀ pé méjì kò ṣe é pín, nítorí náà ó máa ń fi ìbò sọ́wọ́ ọ̀kan ṣoṣo. Bí èyí tí kò ní ìbò bá kú, iṣẹ́ ń lọ. Bí ẹni tó ni ìbò bá kú, èkejì kò lè dá ara rẹ̀ yàn, bí gbogbo ìwé ayé tilẹ̀ wà lórí dísíìkì rẹ̀. Ẹni tó ni ìbò ló kú lọ́wọ́ yín.

Ẹ fi sáfà kẹta kún un, kékeré ni, kò nílò dísíìkì ńlá, torí pé kò ní gbé ìwé kankan. Ẹ fi ìlà yìí kún `elasticsearch.yml` rẹ̀:

```
node.roles: [ master, voting_only ]
```

Yóò máa dìbò, kò ní jẹ́ adarí láéláé. Ẹ má fi sórí ẹ̀rọ kan náà pẹ̀lú ọ̀kan nínú àwọn méjì yẹn o, kí ìbò méjì má baà bá iná kan lọ.

Ọ̀dọ́_Gwarinpa

Ẹ̀gbọ́n Alágbẹ̀dẹ, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ìṣirò yín gan-an gbe ọ̀rọ̀ mi. Ẹ jẹ́ kí ìpín jẹ́ méjìlá, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ gígábáìtì 16. Sáfà tó kù bẹ̀rẹ̀ láti 128, ó gba ọ̀kan ó di 144, ó gba èkejì ó di 160, ó gba ẹ̀kẹta ó di 176, ìyẹn ìdá 88, tí kò tíì kọjá 90. Ẹ̀kẹrin nìkan ni kò ní wọlé. Mẹ́fà nínú ẹ̀dà mẹ́jọ ni yóò rí ibi gbé, dípò ìdajì. Ṣé ẹ rí i pé fífi ìpín kún un ràn wọ́n lọ́wọ́?

Alágbẹ̀dẹ_Kubwa

Ìṣirò rẹ tọ̀nà, àbúrò, mo sì fara mọ́ ọn. Ẹrù kéékèèké rọrùn láti tò sínú ààyè tó há ju ẹrù ńlá lọ. Ohun tí mi ò fara mọ́ ni ọ̀rọ̀ rẹ àkọ́kọ́, pé ìpín púpọ̀ ń dín ohun tí ikú sáfà kó lọ kù. Yálà ìpín mẹ́fà ni tàbí ọgọ́ta, ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo ẹ̀dà ló wà lórí sáfà tó kú. Iye ẹ̀dà ló ń dá ààbò sílẹ̀, iye ìpín kì í dá a sílẹ̀. Nínú àpẹẹrẹ tìrẹ pàápàá, ìpín méjì ṣì kù tí wọ́n wà lórí ẹ̀dà kan títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Ẹ̀wẹ̀, iye ìpín kì í ṣe ohun tí a ń yí bó ṣe wù wá. Ìwé kọ̀ọ̀kan mọ ìpín tirẹ̀ nípa ìṣirò tí a gbé lé iye ìpín náà, nítorí náà a kì í kàn fi kún un lórí índẹ́ẹ̀sì tó ń ṣiṣẹ́. A lè fi `_split` sọ mẹ́fà di méjìlá, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ti índẹ́ẹ̀sì náà kí ìwé tuntun má wọlé, índẹ́ẹ̀sì tuntun sì ni ó máa bí. Iye ẹ̀dà àtìlẹ́yìn ni a lè yí nígbàkígbà.

Ọ̀rọ̀ rẹ nípa fífi ẹ̀dà pamọ́ léwu, mo sì bẹ̀ ọ́ kí o má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni mọ́. Bí ẹnì kan bá ṣèèṣì pa ìwé ẹgbẹ̀rún kan rẹ́ láàárọ̀, ẹ̀dà àtìlẹ́yìn yóò pa wọ́n rẹ́ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan náà, nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti rí bí olórí ṣe rí. Ìwé ìdájọ́ ilé ẹjọ́ kò ṣe é fi sílẹ̀ láìní `snapshot` níta àkójọ sáfà náà.

Akọ̀wé, ọ̀gá yín ló sún mọ́ òótọ́ jù, àmọ́ kò lè ṣeé ṣe lórí dísíìkì yín ti báyìí. Ẹ wò ó dáadáa. Láàárín sáfà mẹ́ta, bí ọ̀kan bá kú tí ẹ sì fẹ́ kí gbogbo ìpín tún ní ẹ̀dà méjì, sáfà kọ̀ọ̀kan tó kù gbọ́dọ̀ gba ìpín mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ìyẹn 192 gígábáìtì. Bí ẹ bá sọ ẹ̀dà àtìlẹ́yìn di méjì lónìí, sáfà kọ̀ọ̀kan yóò gbé ìpín mẹ́fẹ̀ẹ̀fà náà, 192 gígábáìtì kan náà. Dísíìkì tí ẹ máa rà kí sáfà kan lè kú láìsí ewu ni dísíìkì tí ẹ̀dà àtìlẹ́yìn méjì nílò. Owó kan náà ni.

Ìyàtọ̀ wà nínú ohun tó máa ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí iná bá tún lọ. Pẹ̀lú ẹ̀dà àtìlẹ́yìn méjì, ẹ̀dà mẹ́fà ni yóò lọ, adarí yóò fi àwọn kan joyè, kò sì ní sí ohunkóhun láti dà kọ, torí sáfà méjì tó kù ti ní gbogbo rẹ̀. Yóò di `yellow`, yóò sì wà bẹ́ẹ̀ láìṣe nǹkan kan títí sáfà náà fi padà, tí yóò sì gba kìkì ohun tó ṣẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ìfàlẹ̀ àkọ́kọ́ dín kù, ti ẹ̀ẹ̀kejì kò ní sí. Ohun tí ẹ máa san fún un ni pé ìwé kọ̀ọ̀kan yóò máa wọlé lẹ́ẹ̀mẹta dípò ẹ̀ẹ̀mejì, èyí tí kò ní ni ẹ lára bó bá ṣe pé ìwé yín kì í wọlé púpọ̀ lójúmọ́. Ẹ ra 300 gígábáìtì, kí ẹ má ra 250, nítorí pé 192 nínú 250 ti jẹ́ ìdá 77, ìwé yín kò sì ní yéé dàgbà.

Ọmọ_Ìlọrin_ní_Kano

Mo fẹ́ fi ìrírí tiwa kún un, nítorí pé `yellow` kì í ṣe ohun tó ń dẹ́rù bà mí. Sáfà márùn-ún ni a ní nílé iṣẹ́ kan ní Kano, ẹ̀dà àtìlẹ́yìn kan, ìpín mẹ́wàá. Sáfà orí ìwé ni wọ́n jẹ́ o, nítorí pé méjì nínú wọn wà nínú irin kan ṣoṣo, ìyẹn ẹ̀rọ gidi kan. Nígbà tí irin náà kú, ìpín kan wà tí olórí àti àtìlẹ́yìn rẹ̀ jọ wà níbẹ̀. Àkójọ sáfà di `red`. Sáfà mẹ́ta tó kù tó láti dìbò, nítorí náà ojú òpó wa kò kú, kò sì fi àṣìṣe kankan hàn. Ó ń dáhùn ìbéèrè, ìdáhùn náà kàn dín ni. Àwọn oníbàárà ló kọ́kọ́ ní àwọn kò rí ohun tí àwọn rí lánàá. Ìgbà tí mo wo ìdáhùn náà gan-an ni mo rí èyí:

```
"_shards": { "total": 10, "successful": 9, "failed": 1 }
```

Ẹnì kan ti ń sọ pé ká fi `allocate_empty_primary` gbé ìpín òfìfo dìde kí `red` lè lọ. Mo kọ̀. A tún irin náà ṣe, ìpín náà sì padà pẹ̀lú ohun tó wà nínú rẹ̀.

Alágbẹ̀dẹ_Kubwa

Ẹ ṣe dáadáa gan-an tí ẹ kọ̀. Àṣẹ yẹn ń mú kí àwọ̀ padà sí `green` nípa sísọ ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwé yín nù, bí sáfà àtijọ́ bá sì jí lẹ́yìn náà, ohun tó wà lórí rẹ̀ kò ní wúlò mọ́.

Elasticsearch kò mọ̀ pé sáfà méjì ń gbé inú irin kan àyàfi tí ẹ bá sọ fún un. Ẹ fún sáfà kọ̀ọ̀kan ní orúkọ irin tó ń gbé, kí ẹ sì ní kó máa wò ó kó tó pín ẹ̀dà:

```
node.attr.irin: irin_kiini
cluster.routing.allocation.awareness.attributes: irin
```

Fún wíwá tó ń dín láìsọ, ẹ fi `allow_partial_search_results=false` sí ìbéèrè náà. Yóò kọ̀ láti dáhùn bí ìpín kan bá sọnù. Fún ìwé ìdájọ́, mo rò pé kíkọ̀ dára ju kí agbẹjọ́rò rò pé ẹjọ́ kan kò sí. Fún ọjà orí ayélujára, mi ò rò bẹ́ẹ̀.

Ọmọ_Ìlọrin_ní_Kano

Ó dára. Ìṣẹ́jú kan tí ó máa ń dúró kó tó dà ẹ̀dà kọ ńkọ́? Lọ́dọ̀ wa, iná lè lọ fún wákàtí kan kó tó padà, jẹnẹrétọ̀ sì lè pẹ́. Mo ti sọ ọ́ di wákàtí méjì:

```
PUT /_all/_settings
{
  "settings": {
    "index.unassigned.node_left.delayed_timeout": "2h"
  }
}
```

Alágbẹ̀dẹ_Kubwa

Wákàtí méjì ti pọ̀ jù lójú tèmi. Dídúró yẹn kò dá fífi àtìlẹ́yìn joyè dúró, ìyẹn dára, ṣùgbọ́n ní gbogbo wákàtí méjì náà, àwọn ìpín kan wà lórí ẹ̀dà kan ṣoṣo. Bí sáfà kejì bá kú láàárín rẹ̀, `red` ni. Ìṣẹ́jú 10 sí 15 ni èmi ń lò.

Ọmọ_Ìlọrin_ní_Kano

Ibi tí iná kì í pẹ́ kó tó padà nìyẹn wà, ẹ̀gbọ́n. Bí mo bá fi sí ìṣẹ́jú 15, ọ̀pọ̀ ìgbà ni iná máa padà nígbà tí dídà ẹ̀dà kọ bá ti dé àárín, tí n ó sì san owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì: lílọ àti bíbọ̀. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì wa kò lágbára tó bẹ́ẹ̀.

Alágbẹ̀dẹ_Kubwa

Mo gbọ́ yín, àmọ́ mi ò yí ọ̀rọ̀ mi padà. Bí iná bá ń lọ tó bẹ́ẹ̀, ohun tó pa sáfà àkọ́kọ́ lè pa èkejì ní ọjọ́ kan náà, àkókò yẹn gan-an sì ni ẹ sọ pé kí ó má ṣe nǹkan kan.

Akọ̀wé_Garki

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. A ó ra dísíìkì 300, lẹ́yìn náà n ó sọ ẹ̀dà àtìlẹ́yìn di méjì, bẹ́ẹ̀ ni n ó bẹ̀rẹ̀ `snapshot` lọ́sẹ̀ yìí kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Mo ní láti pa sáfà kọ̀ọ̀kan kí n tó lè pààrọ̀ dísíìkì rẹ̀. Ṣé mo lè pa á bẹ́ẹ̀ ṣáá?

Alágbẹ̀dẹ_Kubwa

Rárá, bí ẹ bá pa á bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan ni yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí kó ẹrù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ní wàhálà. Ẹ kọ́kọ́ ṣe èyí:

```
PUT _cluster/settings
{
  "persistent": {
    "cluster.routing.allocation.enable": "primaries"
  }
}
```

Ẹ da ohun tó wà lórí dísíìkì àtijọ́ kọ sórí tuntun nígbà tí sáfà náà wà ní pípa, kí ó lè bá ògbólógbòó ẹ̀dà rẹ̀ nígbà tó bá jí. Tó bá ti padà sínú àkójọ, ẹ fi `null` rọ́pò `"primaries"`, kí ẹ sì dúró títí `GET _cluster/health` fi sọ `green` kí ẹ tó fọwọ́ kan sáfà tó kàn. Ẹ má tilẹ̀ tú dísíìkì kejì sílẹ̀ nínú páálí rẹ̀ kí `green` tó dé.